Bí a ṣe ń pa àwọ̀ ẹyinjú dà nínú fọ́tò tí dídán rẹ̀ kò fi ní kú

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ya fọ́tò ọjọ́ìbí fún oníbàárà kan lórí Òkè Ìdànrè, ó wá ní kí n sọ ẹyinjú òun di aláwọ̀ oyin. Mo ṣí Hue/Saturation nínú Photoshop, mo tẹ Colorize, mo sì gbé Lightness sókè. Àwọ̀ yí lóòótọ́, àmọ́ ojú wá rí bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dán nínú rẹ̀ ti gba àwọ̀ oyin, àwọn fọ́nrán tín-ín-rín inú ẹyinjú sì ti pòórá. Báwo ni kí n ṣe é? — Ayàwòrán kan, Àkúrẹ́

Ìdáhùn: Àbúrò mi, Lightness ló kọ́kọ́ ṣe ọ́ ní jàǹbá. Bí o bá fà á síwájú, ńṣe ló ń po funfun mọ́ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, èyí tó dúdú jù ló sì ń gba funfun jù. Bẹ́ẹ̀ ojú tiwa níhìn-ín dúdú, ó sì máa ń ṣókùnkùn nínú fọ́tò. Lórí òṣùwọ̀n 0 sí 255 tí Photoshop ń lò, ká ní fọ́nrán kan nínú ẹyinjú oníbàárà rẹ wà ní 30, tí èyí tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wà ní 50. Àlàfo 20 yẹn ni a fi ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Gbé Lightness sí +30, 30 á di nǹkan bí 97, 50 á di nǹkan bí 111. Àlàfo ti já sí 14. Ọmọ ojú tó dúdú kirikiri ní 8 á sì bọ́ sí nǹkan bí 82, ó ti di eérú. Fọ́nrán kò sá lọ, ìwọ lo fi funfun bò ó mọ́lẹ̀.

Ti ìmọ́lẹ̀ tó ń dán, tí àwa oníṣẹ́ fọ́tò ń pè ní kaṣiláìtì, ọ̀tọ̀ ni. Kì í ṣe ara áírìsì rárá, ìyẹn òrùka aláwọ̀ tó yí ọmọ ojú ká. Orí awọ tó mọ́ gaara tó bo ojú níwájú ló wà, sánmà Ìdànrè ló sì ń wo ara rẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹni tí Ọlọ́run fún ní ojú aláwọ̀ oyin bá dúró lórí àpáta yẹn ní wákàtí kan náà, sánmà yẹn náà ni kámẹ́rà máa rí nínú ojú tirẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò sì ní yí padà. Nítorí náà, kaṣiláìtì tó bá gba àwọ̀ ojú ti tú àṣírí ara rẹ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa fọ́tò á wò ó, á ní nǹkan kan ń ṣe ojú yìí, kò kàn ní mọ ohun tó jẹ́ ni.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, o lè má rí ìṣòro yìí. Kaṣiláìtì iná sítúdíò sábà máa ń funfun débi 255, funfun tó bá dé ibẹ̀ kò sì ní àyè tí yóò fi gba àwọ̀ tí o bá gbé lé e ní ìlànà ìdàpọ̀ Color. Ti sánmà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó fẹ̀, ó gba apá òkè ẹyinjú, ó sì máa ń wà ní nǹkan bí 150 sí 200. Ibi tó rọrùn jù láti kun nìyẹn. Ọgbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ nínú ilé lè tipa bẹ́ẹ̀ já ọ kulẹ̀ níta.

Ohun tí màá ṣe ni pé màá ya iṣẹ́ náà sí méjì, léyà kan fún ìmọ́lẹ̀, èkejì fún àwọ̀. Wọn kò gbọdọ̀ jọ wà lórí ohun èlò kan náà.

Ìmọ́lẹ̀ ló ṣáájú. Ṣí léyà Curves, kí o fi àmì kan síbi Input 45, kí o gbé e dé Output 85. Má fọwọ́ kan igun ìsàlẹ̀ tó wà ní 0, nítorí òun ló ń jẹ́ kí dúdú ṣì dúdú. Fi àmì kejì síbi 170, kí o dá a padà sí 170 gẹ́lẹ́, kí ìlà má bàa gbé sánmà náà sókè. Fọ́nrán tó wà ní 30 á bọ́ sí nǹkan bí 60, èyí tó wà ní 50 á sún mọ́ 92. Wo àlàfo wọn, láti 20 ó ti lé ní 30. Ojú mọ́lẹ̀ sí i, fọ́nrán sì tún hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ìlà náà ṣe ga gẹ̀gẹ̀rẹ̀ níbi òkùnkùn ló ń ṣe é, Lightness kò lè ṣe irú rẹ̀ láéláé. Tí ó bá ti pọ̀ jù fún fọ́tò tìrẹ, fi Output sí 70, má rò pé dandan ni 85.

Tẹ Ctrl+I kí máàsìkì léyà náà di dúdú, kí gbogbo rẹ̀ pamọ́. Mú búrọ́ọ̀ṣì funfun tí etí rẹ̀ rọ̀, kí o wá kun áírìsì nìkan. Yẹra fún ọmọ ojú. Má sì kun dé etí. Ojú ènìyàn ní òrùka ṣíṣókùnkùn kan lẹ́bàá ibi tí áírìsì ti pàdé funfun ojú, tí o bá kun kọjá rẹ̀, ẹyinjú á dà bí ohun tí wọ́n gé lẹ̀ mọ́ ojú. Fi píkísẹ̀lì mélòó kan sílẹ̀ fún un. Lábẹ́ ìpéǹpéjú òkè, dín Opacity búrọ́ọ̀ṣì kù, torí òjìji ìpéǹpéjú ń bọ́ síbẹ̀, kò yẹ kó mọ́lẹ̀ tó ìsàlẹ̀.

Àwọ̀ ló kàn. Gbé léyà Solid Color lé Curves lórí, kí o tẹ `#A8722E`, èyí tó jẹ́ oyin tó ti dàgbà díẹ̀. Yí ìlànà ìdàpọ̀ rẹ̀ láti Normal sí Color. Color ń mú irú àwọ̀ àti bó ṣe jinlẹ̀ tó láti ara léyà tìrẹ, ó ń fi ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Fọ́nrán kò ní bàjẹ́ nítorí ìyẹn. Ìdí nìyẹn náà tí ọ̀pọ̀ fi ń ráhùn pé àwọn yan oyin tó mọ́ ṣùgbọ́n ojú kò mọ́: léyà yìí kì í gbé ìmọ́lẹ̀ wá, Curves nìkan ló ń ṣe ìyẹn. Di Alt mú, kí o fa máàsìkì Curves wá sórí Solid Color, kí àwọn méjèèjì lo ààlà kan náà. Lẹ́yìn náà, fà Opacity wálẹ̀ sí nǹkan bí 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọ̀ ilẹ̀ ojú rẹ̀ tó ń yọ lábẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ́ kó jọ ojú ènìyàn. Tí o bá fi í sí 100, àwọ̀ kan ṣoṣo lo fẹ́ rí láti etí dé etí, bẹ́ẹ̀ kò sí áírìsì tó rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sánmà ló kù, Blend If ló sì máa yanjú rẹ̀. Tẹ ẹ̀gbẹ́ orúkọ léyà Solid Color lẹ́ẹ̀mejì kí Layer Style ṣí, kí o wo ìsàlẹ̀. Lórí ìlà Underlying Layer, àmì funfun kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Di Alt mú kí o fà á, á pín sí méjì. Fi ìdajì òsì síbi 120, kí ìdajì ọ̀tún wà ní 150. Ohun tí o ń sọ fún Photoshop ni pé ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ 120 kí ó gba àwọ̀ tán, ohun tó bá kọjá 150 kí ó má gbà rárá, kí ti àárín sì máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Dídínkù díẹ̀díẹ̀ àárín yẹn ṣe pàtàkì. Etí kaṣiláìtì sánmà kì í gé ṣáká, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́ lórí áírìsì, tí àwọ̀ ojú sì ń yọ láti abẹ́ rẹ̀. Tí o kò bá pín àmì náà, wàá rí ìlà kan tó yí dídán náà ká bí ẹni fi bírò fà á. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún Curves náà, ṣùgbọ́n fi tirẹ̀ sí 100 àti 140, torí ojú tó ń wò lábẹ́ kò tíì mọ́lẹ̀.

Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí kì í ṣe òfin fún gbogbo fọ́tò. Tẹ F8 kí Info ṣí, gbé ọwọ́ lórí dídán náà, kí o ka ohun tó wà níbẹ̀, kí o sì ka ti áírìsì tó mọ́lẹ̀ jù. Àmì náà gbọ́dọ̀ jókòó sí àárín àwọn méjèèjì.

Nǹkan kan wà tí Blend If kò lè bá ọ ṣe. Súnmọ́ ojú náà dáadáa, wàá rí i pé sánmà inú rẹ̀ kò mọ́ kedere. Òjìji irun ìpéǹpéjú gé e láti òkè, ìwọ alára sì lè dúró ní àárín rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà, kékeré, dúdú. Àwọn wọ̀nyẹn ṣókùnkùn, nítorí náà Blend If á kà wọ́n mọ́ áírìsì, á sì kùn wọ́n ní oyin. Mú búrọ́ọ̀ṣì dúdú kékeré, kí o lọ pa wọ́n rẹ́ kúrò nínú máàsìkì méjèèjì ní ọwọ́ ara rẹ. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti máa ń dá iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe mọ̀.

Lẹ́yìn èyí, mo máa ń fún ìsàlẹ̀ áírìsì ní ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ti òkè wá, awọ iwájú ojú ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ń kó o jọ sí òdìkejì, nísàlẹ̀. Bí o bá fi Curves kejì tó fúyẹ́ ṣe àfihàn apá yẹn ní ìrísí òṣùpá lẹ́yìn ọjọ́ kejì, oyin náà á dà bí ẹni ń tàn láti inú. Má ṣe é yí gbogbo rẹ̀ ká o. Ìyẹn ni àwọn tó ń sọ ojú di ti iwin ń ṣe.

Kí o tó fi ránṣẹ́, gbé léyà Black & White sórí gbogbo rẹ̀, kí o yí ìlànà ìdàpọ̀ tirẹ̀ sí Color, kí o sì máa pa Solid Color kí o máa tan án. Láìsí àwọ̀, kò yẹ kí o rí ìyàtọ̀ kankan tó nítumọ̀. Tí fọ́nrán bá ń rọ̀ tàbí tí dídán bá ń fọ́ nígbà tí o bá tan án, ìlànà ìdàpọ̀ rẹ ṣì wà ní Normal níbìkan. Pa Black & White, gbé ọwọ́ Info lé àárín kaṣiláìtì, kí o tan kí o pa gbogbo léyà. Nọ́ńbà mẹ́ta R, G, B níbẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Ní ti fọ́tò tí o fi bẹ̀rẹ̀, RAW ni kí o lò, kí o ṣí i ní 16-bit. Tí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ bá jẹ́ èyí tí oníbàárà fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bíi fọ́tò lásán, ìfúnpọ̀ ti jẹ fọ́nrán inú òkùnkùn, Curves á kàn gbé àwọn àpótí kéékèèké onígun mẹ́rin tí ìfúnpọ̀ náà fi sílẹ̀ sókè ni. Ní kó tún un fi ránṣẹ́ bíi Document. Bí ó bá sì jẹ́ fọ́tò gbogbo ara tí o yà láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, tí ẹyinjú kò ju píkísẹ̀lì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, kò sí fọ́nrán tí o lè gbà là níbẹ̀. Fi Solid Color nìkan kun un ní Opacity 40, fi kaṣiláìtì sílẹ̀, kí o kọjá sí fọ́tò mìíràn.