Wo ibi tí sẹ́ńsọ̀ rẹ wà kí o tó gbé Padé sókè

*“Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ìgbóná omi inú páìpù ni mò ń darí. Ìdádúró rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 12. Lẹ́yìn tí mo yan kọntírólà PI, lúùpù mi di 0.14/s. Mo fi Padé ìpele kìíní, ìdá oníṣirò tó ń fara wé ìdádúró, rọ́pò ìdádúró náà, kọ̀ǹpútà sì ní yóò mì díẹ̀, yóò fara balẹ̀. Àmọ́ lórí ẹ̀rọ gan-an, ńṣe ni mímì náà ń pọ̀ sí i. Ṣé kí n gbé Padé lọ sí ìpele karùn-ún ni?”*

Àbúrò mi, fi Padé sílẹ̀ ná. Lọ wo bí sẹ́ńsọ̀ rẹ ṣe jìnnà tó sí ibi tí omi ti ń gbóná. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí irú lúùpù yìí fi ojú wa rí màbo ní ilé iṣẹ́ ohun mímu kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí.

Sítíìmù la fi ń mú omi gbóná níbẹ̀. Àwọn tó kọ́ ẹ̀rọ náà ki sẹ́ńsọ̀ bọ páìpù ní mítà 4 sí ibi tí omi ti ń jáde, torí pé ibẹ̀ ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti dúró ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sán, omi ń rìn ní mítà 0.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ohun tó ṣẹlẹ̀ sí omi, ìṣẹ́jú àáyá 10 ló ń gbà kí sẹ́ńsọ̀ tó gbọ́. Ní òru, wọ́n máa ń dín omi kù sí ìdajì. Ìdádúró náà di 20. Kò sẹ́ni tó kọ èyí sínú ìwé kankan.

Ìdádúró kì í dín ìgbì kù, kì í sì í fi kún un. Ńṣe ló kàn ń tì í sẹ́yìn. Ìgbì tó ń yí díẹ̀díẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n lára, torí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kò jẹ́ nǹkan kan lára yíyí rẹ̀. Ìgbì tó ń yára ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Iye féèsì tí ó ń jẹ, ní digiri, jẹ́ 57.3 × ω × T, tí ω jẹ́ bí ìgbì ṣe ń yára tó ní rédíánì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí T sì jẹ́ ìdádúró, kò sì ní ibi tó ti ń dúró: bí ω bá ń pọ̀, ó ń jẹ lọ ni. Ohun tó bá jẹ níbi tí géènì lúùpù ti di 1, inú àlàfo féèsì rẹ ló ti mú un, ìyẹn àlàfo tó kù kí féèsì tó dé òdì 180.

Lúùpù tiwa dà bíi tìrẹ, 0.1/s. Bí kò bá sí ìdádúró, àlàfo rẹ̀ ì bá jẹ́ digiri 90. Ní ọ̀sán, ìdádúró jẹ 57 nínú rẹ̀, ó ku 33: ó ń mì, ṣùgbọ́n ó ń fara balẹ̀. Ní òru, ó jẹ 115. Àlàfo ti tán, a ti wọ gbèsè digiri 25. Kí n tó gbàgbé, bí omi bá dín kù, sítíìmù kan náà yóò tún mú un gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, géènì á sì gòkè, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà burú ju bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ yìí lọ.

Ní gbogbo òru, fáàfù sítíìmù á ṣí tán pátápátá, á tún tì tán pátápátá, ọjà á bàjẹ́, wọ́n á sì bi àwa tó wà lẹ́nu iṣẹ́ pé kí la fọwọ́ kàn. Àwọn ọ̀gá pe amòye wá láti ìta. Ọ̀sán ló máa ń wá, nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó kọ́kọ́ ní sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́, wọ́n ra òmíràn, kò yí nǹkan kan padà. Lẹ́yìn náà ó fi D kún PI, pé yóò “rí ohun tó ń bọ̀ níwájú”. Èyí bí mi nínú títí dòní. D ń gbé géènì ìgbì tó ń yára sókè, bẹ́ẹ̀ ìgbì tó ń yára gan-an ni ìdádúró ti jẹ féèsì rẹ̀ tán. Mímì náà tún le sí i. Mo fi ìṣirò tí mo kọ sókè yìí hàn án, ó ní àwọn tó wà ní ilé ìwé ló ń ṣe irú ìyẹn.

Ohun tó parí ìjà náà ni pé wọ́n gbà nígbẹ̀yìn kí a dá iṣẹ́ dúró, kí a lu páìpù ní mítà 1 péré sí ẹnu ẹ̀rọ, kí a gbé sẹ́ńsọ̀ wá síbẹ̀. Ìdádúró òru di ìṣẹ́jú àáyá 5, àlàfo sì di digiri 61. A ò fọwọ́ kan kọntírólà ju pé a yọ D kúrò. Nítorí náà, tí àyè bá wà láti sún sẹ́ńsọ̀ mọ́tòsí, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìṣirò dí ọ lọ́wọ́.

Ó yá, tìrẹ. Padé ìpele kìíní ni `(1 - sT/2)/(1 + sT/2)`. Géènì rẹ̀ jẹ́ 1 níbi gbogbo bíi ti ìdádúró gan-an, ṣùgbọ́n féèsì rẹ̀ kò lè jẹ ju digiri 180 lọ láé, ó sì ti ń jẹ kéré ju òótọ́ lọ tipẹ́ kó tó dé ibẹ̀. Nínú lúùpù rẹ, Padé ní ìdádúró jẹ digiri 80, ó ku 10. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó jẹ 96. O ti jẹ gbèsè 6. Bí o bá fi Padé yìí wá ibi tí mímì lúùpù ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i, yóò sọ fún ọ pé o lè dé 0.167. Ẹ̀rọ rẹ kò lè kọjá 0.131. Àárín méjèèjì lo bọ́ sí.

Ìpele kejì yóò fún ọ ní 0.132, ó sì tó. Karùn-ún kò ní fi nǹkan kan kún un tí wàá rí lójú. Bí o bá sì ń gbé e sókè jù, nọ́ńbà inú rẹ̀ á wá jìnnà síra wọn débi pé ìṣirò kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á máa ṣìnà. Bó o bá fẹ́ mọ àlàfo, má lo Padé rárá, fi ìdádúró gan-an sílẹ̀ nínú MATLAB:

```
s = tf('s');
L = 0.14/s*exp(-12*s);
margin(L)
Lp = pade(L,2);
pole(feedback(Lp,1))
```

Lílo Padé bẹ̀rẹ̀ níbi ìlà kẹrin, fún iṣẹ́ tó ń béèrè gbòǹgbò. Bí o bá sì ya ti ìpele kìíní pẹ̀lú `step`, wàá rí i pé ìgbóná kọ́kọ́ lọ sí òdìkejì. Padé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ yóò kàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 12 ni.

Láti mọ̀ bóyá ìdádúró ló ń dà ọ́ láàmú lóòótọ́, wọn àkókò yíyí kan nínú mímì náà. Nínú irú lúùpù yìí, ó máa ń súnmọ́ ìdádúró lọ́nà mẹ́rin, ìyẹn nǹkan bí 48 fún tìrẹ. Bí o bá rí ohun tó yàtọ̀ gidigidi, fáàfù tó ń há ni kí o lọ wò.

Bí sẹ́ńsọ̀ kò bá ṣeé sún, dín géènì kù títí lúùpù yóò fi di 0.044/s. Àlàfo rẹ á jẹ́ digiri 60, Padé ìpele kìíní pàápàá kò ní ṣìnà ju digiri kan lọ níbẹ̀. Àmọ́ fi ìdádúró tó gùn jù ṣe é, ti ìgbà tí omi bá kéré jù lọ, má fi ti ọ̀sán ṣe é. Kí o sì béèrè iye ìgbà tí kọntírólà rẹ ń ka sẹ́ńsọ̀: bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin mẹ́rin, nǹkan bíi méjì tún ti wà lórí 12 yẹn tí o kò kà mọ́ ọn.