Lossless lórí íápíìsì Bluetooth: ibi tí dátà rẹ ń gbà lọ

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ìkòròdú ni mo ń gbé, mo sì ń wọ BRT lọ sí TBS lójoojúmọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n tan Lossless lórí Apple Music, pé orin á dún dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní báyìí dátà mi kì í pẹ́ tán mọ́, mi ò sì gbọ́ nǹkan tuntun kankan. Íápíìsì Bluetooth ni mo ń lò. Ṣé etí mi ni, àbí íápíìsì?

Ìdáhùn: Kò sí nǹkan tó ṣe etí rẹ, àbúrò mi. Bluetooth ni kò jẹ́ kí ohun tí o ń fi dátà rà dé ibẹ̀.

Wò ó báyìí. Ká ní o fẹ́ kó agbádá àti bùbá sínú báàgì kékeré. O lè ká wọn kí o fún wọn mọ́ra. Nígbà tí o bá tú wọn, fọ́nrán òwú kan kò ní dín. Bí Lossless ṣe ń di orin nìyẹn. O sì lè gé ibi tí agbádá máa bò lára bùbá sọnù, torí pé ojú ẹnikẹ́ni kò ní tó o. Bí AAC 256 kbps, ìyẹn ọ̀nà ìdìpọ̀ orin tó ń lo ẹgbẹ̀rún bit 256 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí wọ́n kọ High Quality sí, ṣe ń ṣe nìyẹn. Tí gángan bá dún kíkankíkan, etí kì í gbọ́ ìró tín-ín-rín tó wà nítòsí rẹ̀ lásìkò kan náà. Irú ìró bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gé.

Orin ìṣẹ́jú 3 máa ń jẹ nǹkan bíi 6 MB lórí High Quality, 36 MB lórí Lossless, ó sì lè tó 145 MB lórí Hi-Res Lossless. Bí o bá lo wákàtí 1 ní àlọ, wákàtí 1 ní àbọ̀, orin bíi 40 nìyẹn: 240 MB tẹ́lẹ̀, 1,440 MB báyìí. Ibi tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé nígbà tí fóònù rẹ bá gba 36 MB yẹn tán, á tú u, á wá tún un gé kí ó tó fi ránṣẹ́ sí íápíìsì, nítorí pé ọ̀nà Bluetooth kò fẹ̀ tó. LDAC, tó fẹ̀ jù nínú àwọn ọ̀nà tó wọ́pọ̀ tí wọ́n fi ń di orin fún Bluetooth, kò kọjá 990 kbps, òun náà sì ń gé. Owó gbogbo aṣọ lo san, bùbá tí wọ́n gé ló dé ọwọ́ rẹ.

Ká wá ní o lo íápíìsì oníwáyà ńkọ́? Mo dán an wò pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ mi ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ wa. Mo mú orin kan tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, mo ṣe ẹ̀dà 256 kbps àti ẹ̀dà 64 kbps, mo mú kí gbogbo wọn dún sókè bákan náà. Èyí ṣe pàtàkì, torí pé èyí tó bá fi díẹ̀ ròkè ni etí máa ń pè ní èyí tó dára. Ọmọ iṣẹ́ mi kò rí ojú kọ̀ǹpútà. Mo ń pààrọ̀ ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ojúlówó orin náà tí a kò gé, òun ń dárúkọ èyí tó gbọ́. Ó mọ 64 kbps nígbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, torí pé ìlẹ̀kẹ̀ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún bí ẹni ń da omi. Nígbà tó kan 256 kbps, 6 nínú 10 ló gbà. Ẹni tó kàn ń méfò lásán á rí 5. Bí kò bá tó 9, mi ò lè sọ pé etí gbọ́ ìyàtọ̀.

Ní ti Hi-Res, má dààmú ara rẹ. Ìwọ̀n síídì, tí í ṣe ìdíwọ̀n 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti lè gbé ìró tó ń gbọ̀n nígbà 22,000 ní ìṣẹ́jú àáyá. Etí ọmọdé pàápàá kì í kọjá nǹkan bí 20,000, tiwa àgbà kò tó bẹ́ẹ̀. Àwa tó ń gba ohùn sílẹ̀ la nílò 24-bit, tó ń fi nọ́ńbà tó gùn sí i kọ ìdíwọ̀n kọ̀ọ̀kan, kí a lè gbé ohùn akọrin tó lọ sílẹ̀ sókè láìgbé ariwo abẹ́ rẹ̀ dìde.

Nítorí náà, wọ Audio Quality nínú ètò Music. Yan High Quality fún dátà, má yan High Efficiency, tí í ṣe 64 kbps, torí pé ibẹ̀ ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti ń di omi. Lẹ́yìn náà, yẹ rọ́bà ẹnu íápíìsì rẹ wò. Tan orin sílẹ̀ nínú BRT, kí o rọra fi ìka tẹ íápíìsì náà wọlé. Bí ariwo ẹ́ńjìnnì bá lọ sílẹ̀ tí béèsì sì jáde, rọ́bà yẹn ti kéré jù fún ihò etí rẹ. Wọ èyí tó tóbi jù ú lọ nínú páálí tó bá a wá.