Ìkíni ìgbéyàwó lédè Ṣáínà: ọ̀rọ̀ tó yẹ àti èyí tó jẹ́ èèwọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń bá mi ṣa ọjà jọ ní ìlú Yìwū ní Ṣáínà fẹ́ gbé ìyàwó lóṣù tó ń bọ̀, ó sì ti fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí mi lórí WeChat. Mi ò lè lọ. Mo fẹ́ fi 400 yúàn ránṣẹ́ sí i, kí n sì fi èdè tiwọn kí i. Ohun tí mo tò pọ̀ rèé: 祝你新婚快乐!你终于结婚了!再次恭喜你,下次我送你大礼。 Ohun tí mo fẹ́ kó sọ ni pé: mo kí ọ kú oríire ìgbéyàwó; o ti ṣe ìyàwó nígbẹ̀yìn; mo tún kí ọ kú oríire, nígbà mìíràn màá fún ọ lẹ́bùn ńlá. Ṣé kò sí èèwọ̀ kankan níbẹ̀?

Ìdáhùn: Gbólóhùn àkọ́kọ́ dára, ẹ má fọwọ́ kàn án, àfi kí ẹ fi 们 kún 你 kó di 你们, torí ẹni méjì lẹ ń kí. Bó ṣe wà yìí, ọkọ nìkan lẹ kí, ẹ sì fi ìyàwó sílẹ̀ síta. Gbólóhùn mẹ́ta tó tẹ̀lé e ni kí ẹ yọ kúrò pátápátá. Kò sí àṣìṣe gírámà nínú wọn o. Lọ́jọ́ mìíràn, lórí ọ̀rọ̀ mìíràn, kò sí èyí tí kò ṣeé kọ nínú wọn. Ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọn ò bá lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú 再次, zàicì, ṣáájú, torí òun ló máa ń tètè bọ́ lẹ́nu àlejò. 再 túmọ̀ sí "lẹ́ẹ̀kan sí i". Ohun tí ẹ ní lọ́kàn ni pé ẹ tún kí i kú oríire, àmọ́ etí ará Ṣáínà ń gbọ́ nǹkan mìíràn nínú rẹ̀ níbi ìyàwó, nítorí pé 再婚, zàihūn, ni wọ́n ń pe ìgbéyàwó ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ti kú tàbí tó ti kọ tàkọ́kọ́ sílẹ̀. Ẹ wá fi 下次, xiàcì, kádìí rẹ̀: nígbà mìíràn, màá fún ọ lẹ́bùn ńlá. Ìgbà mìíràn wo? Àfi bíi pé ẹ ti ń retí ìyàwó kejì kí tàkọ́kọ́ tó wọlé. 又, yòu, àti 重, chóng, náà ń sọ pé nǹkan tún ṣẹlẹ̀, nítorí náà ẹ yẹra fún wọn. Bí ẹ bá fẹ́ kí i lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kọ 恭喜恭喜, gōngxǐ gōngxǐ. Ìlọ́po ọ̀rọ̀ kò ní èèwọ̀, ó tilẹ̀ bá ayẹyẹ mu, torí nǹkan méjì-méjì ni wọ́n ń fẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ó rí 囍 lára ilẹ̀kùn, lára àpò owó, lára ife. 喜, xǐ, tí í ṣe ayọ̀, ni wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́.

终于, zhōngyú, ló burú jù nínú ohun tí ẹ kọ, ọ̀nà méjì ló sì gbà burú. Àkọ́kọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀: "ìwọ náà ṣe ìyàwó nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín". Ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ ti ń fi ọ̀rọ̀ ìyàwó fúngun mọ́ láti ọdún yìí wá, ọ̀rọ̀ yẹn á dùn ún. Ìkejì ni pé 终, zhōng, fúnra rẹ̀ ni "òpin". Kí ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òbí rẹ̀ títí tó fi mí èémí ìkẹyìn, kó sì sin ín, 送终, sòngzhōng, ni wọ́n ń pè é.

Èdè Màndáríìnì ò ní ju nǹkan bí 400 sílébù lọ bí a bá yọ ohùn kúrò, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó jọra létí kún ibẹ̀ bámúbámú, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèwọ̀ wọn ń ti etí wá. Ohùn ló ń ya àwọn kan sọ́tọ̀, bó ṣe ń ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ fún wa. Àwọn mìíràn, ohùn gan-an kò yà wọ́n. Aago, 钟, zhōng ni wọ́n ń pè é, létí kò fi ibì kankan yàtọ̀ sí "òpin" yẹn. 送, sòng, náà ni wọ́n ń pe kéèyàn fúnni lẹ́bùn, nítorí náà ẹni tó bá fún èèyàn ní aago ti wá ń sọ pé òun ń sin ín lọ sí ọ̀run.

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo kọ́ èdè náà lọ́hùn-ún, mi ò tíì mọ èyí. Mo gbé aago ògiri olówó ńlá, tí mo fi bébà pupa dì, lọ síbi ìyàwó ọmọ onílé mi. Bàbá náà tú u níwájú èrò. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ yí padà, ó wá rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bọ àpò, ó sì fi owó ẹyọ yúàn kan sí mi lọ́wọ́. Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni ọmọ rẹ̀ tó ṣàlàyé fún mi pé bí bàbá òun ti sanwó yẹn, ó ti ra aago náà lọ́wọ́ mi nìyẹn, kò sí pé mo fún un mọ́. Agboòrùn náà kò ṣeé fún wọn: sǎn ló ń jẹ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá sàn dọ́gba, ìyẹn "ká tú ká".

Ohun tí ẹ ó wá kọ, ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́rin ni kí ẹ mú, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń to ìre wọn: mẹ́rin mẹ́rin, kó dún bí oríkì. Méjì ti tó yín. 百年好合, bǎinián hǎohé, ni àkọ́kọ́: kí ẹ̀yin méjèèjì bára gbé nínú ìrẹ́pọ̀ fún 100 ọdún. Ìkejì ni 永结同心, yǒng jié tóngxīn: kí ọkàn méjì di ọ̀kan ní kókó tí kì í tú. Kò sí ọjọ́ orí tí wọn ò bá mu, kò sì sí ibi tí ẹ ti lè fi wọ́n ṣi ẹnu sọ.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ ọwọ́ yín lórí fóònù. Bí ẹ bá tẹ hé, lẹ́tà bíi mélòó kan ni yóò yọ sójú fóònù, 和 a sì máa wà lára wọn. 合 lẹ ń fẹ́, èyí tí í ṣe "kí nǹkan méjì papọ̀ wẹ́kú", bí ìdérí ṣe ń bo ìkòkò. Mo ti rí 好和 lára káàdì tí wọ́n tẹ̀ ní ìtẹ̀wé. Ẹni tó bá rí i mọ̀ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n á mọ̀ pé ẹ kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má sì fi ohunkóhun kún 百年 láti inú orí ara yín. 百年之后, bǎinián zhīhòu, "lẹ́yìn 100 ọdún", jẹ́ ọ̀nà ìtẹríba tí wọ́n fi ń sọ pé "lẹ́yìn ikú rẹ". Lẹ́tà méjì péré ló wà láàárín àdúrà yẹn àti ìsìnkú.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan sọ fún yín pé kí ẹ kọ 早生贵子, zǎo shēng guìzǐ, kí wọ́n tètè bí ọmọ iyì. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ èmi gan-an, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é jọ tiwa. Lórí ibùsùn ọkọ àti ìyàwó ni wọ́n máa ń da èso mẹ́rin sí: èso déètì pupa, tí wọ́n ń pè ní zǎo, tó dún bíi "tètè", ẹ̀pà, huāshēng, tí shēng "bíbí" wà nínú rẹ̀, èso lóńgánì, guìyuán, tí guì rẹ̀ dún bíi "iyì", àti èso òdòdó lótọ́ọ̀sì, liánzǐ, tí zǐ rẹ̀ jẹ́ "ọmọ". Kà á láti òkè délẹ̀, àdúrà náà ti jáde. Ẹni tó bá ti gbọ́ àwọn àgbà tó mú orógbó sókè níbi ìdána, tí wọ́n ní orógbó ní í gbó ni sáyé, tí wọ́n mú obì, tí wọ́n ní obì ní í bi ikú, kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé èyí fún un.

Síbẹ̀, ẹ̀yin ẹ má kọ ọ́. Ìyá àgbà ló ń sọ ọ́ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kí oníbàárà sọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò dà bíi kéèyàn wọ ilé onílé. Àwọn ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ lóde òní kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ rárá. Ó sì tún wà pé ìyàwó lè ti lóyún, tàbí kó jẹ́ pé àwọn méjèèjì ti dàgbà, ẹ ò lè mọ̀ láti òkèèrè.

Ó wá ku owó. Ẹ gbìyànjú pé ẹ ò mú iye tó ṣẹ́ kù sí ọ̀kan, torí méjì-méjì ni ti ayọ̀. Owó tó ṣẹ́ kù sí ọ̀kan, tí a fi sínú àpò funfun, ti olókùú ni. Ṣùgbọ́n 400 ni ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, mẹ́rin sì ni sì, ikú sì ni sǐ. Ohùn nìkan ló yàtọ̀, ti mẹ́rin ń já wálẹ̀, ti ikú ń lọ sílẹ̀ kó tó gbéra. Ẹ sọ ọ́ di 600 bí agbára bá gbé e, torí mẹ́fà, liù, ni wọ́n fi ń tọrọ kí nǹkan máa lọ geere. Ẹ lè mú 800, bā tó dún mọ́ fā, "ká lówó". Bí 600 bá wúwo, 200 kò burú, àmọ́ ẹ má kọjá sí 250, torí 二百五, èrbǎiwǔ, ni wọ́n fi ń pe òmùgọ̀. Ẹ ó rí àwọn tó ń fi 1314 ránṣẹ́, ẹ ó sì bi mí pé mẹ́rin ṣe wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ dún bíi 一生一世, yīshēng yīshì, "ní gbogbo ayé wa", ni mẹ́rin ibẹ̀ fi rí ààyè. 520, tó dún bíi "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ", ti olólùfẹ́ ni. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ọkọ ọlọ́kọ.

Àpò pupa orí WeChat, hóngbāo, kì í gbà ju 200 yúàn lọ ní ẹyọ kan, nítorí náà ẹ lo ìfowóránṣẹ́ lásán, 转账, fún 600. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ṣáájú rẹ̀:

```
祝你们新婚快乐,百年好合,永结同心!
```

Ẹ kọ orúkọ yín sí ìlà kejì, kí ẹ fi 敬贺, jìnghè, tẹ̀lé e, ìyẹn "ni mo fi ọ̀wọ̀ kí yín". Ẹ fi ránṣẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìyàwó, kì í ṣe ọjọ́ náà gan-an. Owó tí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí kò bá tẹ̀ láti gbà láàárín wákàtí 24 á padà sọ́dọ̀ yín, ọkọ ìyàwó sì lè má fọwọ́ kan fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bó bá padà, ẹ má bínú, ẹ tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má kọ 再 sí i.