Títọ́ mítà pH sọ́nà ṣáájú wíwọn omi kànga

Ìbéèrè: Mítà pH mi ń ka 7.4 nínú bọ́fà 7, ìyẹn omi tí pH rẹ̀ jẹ́ 7 gan-an. Kí ni kí n ṣe kí n tó fi wọn omi kànga?

Ìdáhùn: Ẹ fi bọ́fà 7 bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi bọ́fà 4 tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n bí pH omi kànga yín bá ju 7 lọ, bọ́fà 10 ni kí ẹ fi rọ́pò 4. Ẹ bu bọ́fà díẹ̀ sínú ife, ẹ má sì dà á padà sínú ìgò. Láàárín méjèèjì, ẹ fi omi dísítílì ṣan ẹ̀lẹ́kítíróòdù, ìyẹn ọ̀pá mítà tí ẹ ń kì bọ omi, kí ẹ fi bébà rírọ̀ fa omi ara rẹ̀ láìnù ún, nítorí pé nínù máa ń mú kí òǹkà máa yí kiri. Ìgbà tí òǹkà bá dúró ni kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì CAL.

Lẹ́yìn náà, ẹ dá ẹ̀lẹ́kítíróòdù padà sínú bọ́fà 7 tuntun. Bí òǹkà bá ṣì fi ju 0.1 lọ yà kúrò lórí 7, tàbí tí kò tètè dúró, ó ṣeé ṣe kí gíláàsì ẹ̀lẹ́kítíróòdù ti gbẹ: ẹ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ KCl 3 M mọ́jú. Inú omi KCl yìí náà ni kí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí, kì í ṣe inú omi dísítílì, èyí tí ń fa iyọ̀ inú rẹ̀ jáde. Omi kànga tí iyọ̀ rẹ̀ kéré máa ń pẹ́ kí ó tó fún yín ní òǹkà tó dúró, nítorí náà ẹ rọra ro omi náà pọ̀, kí ẹ sì ní sùúrù.