Ìfúnpá màmá tó ga níbi ìdánwò

“Mo mọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ í wọ̀n, àmọ́ n kì í mọ ohun tí n ó sọ fún aláìsàn tí tiẹ̀ bá ga.”

Àbúrò mi, ohun tí o sọ nìyẹn. Ká ní màmá kan láti Ìkéré-Èkìtì ló jókòó síwájú rẹ níbi ìdánwò, tí ìfúnpá wọn jẹ́ 152/96. Má tíì ṣàlàyé. Bi wọ́n bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn, bóyá ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n. Jẹ́ kí wọ́n sinmi fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn wọn fara ti àga, kí apá wọn sì wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan ọkàn. Apá ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé: tó bá rọ̀ sílẹ̀, nọ́ńbà á ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ká ní o tún wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ 148/94. Wàá wá sọ pé: “Màmá, ìfúnpá yín ga díẹ̀, àmọ́ ti ọjọ́ kan kò tó láti sọ pé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru. A ó tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn. Ṣé orí ń fọ́ yín? Ṣé àyà ń dùn yín?” Ní kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ohun tó yé wọn.

Jọ̀ọ́, má sọ pé “kò sí nǹkan kan”. Wọn ò ní padà wá mọ́.