Iye tó yẹ kí fíìdì mílì gbà lọ́wọ́ oko tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan náà

*“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí irú ẹ̀ rí: ilé-iṣẹ́ wa ní fíìdì mílì, ó sì tún ní oko adìyẹ. Ọfíìsì àgbà ní kí mílì kó gbogbo ìnáwó rẹ̀ jọ, kó fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, kó sì gba iye yẹn lọ́wọ́ oko. Ó wá di ₦15,525 lórí báàgì léyà 25 kílò. Mánéjà oko ń rí i níta ní ₦14,600, wọ́n á sì gbé e wá bá a. Àwa fúnra wa ń tà á fáwọn àgbẹ̀ mìíràn ní ₦15,000. Nínú ₦13,500 tí mílì ń ná, ₦1,500 ni ti rẹ́ǹtì, owó oṣù àti ẹ̀rọ. Ṣé ká lo iye ọjà ni, àbí ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?”*

Ẹ kọ́kọ́ dá mánéjà oko dúró kó tó san owó fún ará ìta. Tí mílì yín bá ṣì láyè láti lọ̀ sí i, ₦2,600 ni ilé-iṣẹ́ ń pàdánù lórí báàgì kọ̀ọ̀kan tó bá rà níta, kò sì sí ìwé tó máa fi í hàn yín.

Ibi tó ti ń jáde nìyí. Nínú ₦13,500 yẹn, ₦12,000 ni àgbàdo, sóyà, pírímíìsì àti iná tí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Tí wọn ò bá lọ báàgì náà, wọn ò ní ná an. Ṣùgbọ́n ₦1,500 tó kù, wọ́n lọ̀ o, wọn ò lọ̀ o, yóò jáde lóṣù. Tí oko bá wá san ₦14,600 síta, ₦12,000 péré ni mílì kò ná mọ́. Ìyàtọ̀ méjèèjì ti bọ́ sápò ẹlòmíì. Nínú ìwé oko, mánéjà ti fi ₦925 pamọ́ lórí báàgì kan, wọ́n á sì yìn ín. Mi ò bá a wí, iye tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé.

Ẹ ò sọ iye báàgì, torí náà ẹ jẹ́ ká sọ pé mílì lè lọ 6,000 báàgì lóṣù, àwọn ará ìta ń ra 3,000, oko ń lo 2,000. (Adìyẹ bí 14,000 nìyẹn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 120 lójúmọ́.) Tí gbogbo 2,000 bá lọ síta, ₦5.2 mílíọ̀nù ló bá a lọ lóṣù. Kò tán síbẹ̀ o. ₦1,500 tí wọ́n pín sórí báàgì wá láti inú ₦7.5 mílíọ̀nù tí wọ́n pín fún 5,000 báàgì. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, 3,000 ló kù láti pín in fún, ó ti di ₦2,500. Ìnáwó báàgì kan ti di ₦14,500. Akáńtáǹtì á tún fi ìdá 15 rẹ̀ lé e, ó di ₦16,675. Tí mánéjà oko bá fẹ́ padà wá, iye tó máa bá nílé nìyẹn. Ni àwọn ọfíìsì àgbà á bá kọ ìwé pé mílì ò mú èrè wá, bóyá ká tì í. Ẹni tí kò rí ibi tí wọ́n ti ń rán ẹnu àpò fíìdì rí ló ń jókòó sínú ọfíìsì tó tutù ṣe irú ìṣirò yìí, tó sì ń bínú téèyàn bá bi í léèrè.

Èyí tó tún burú nínú ọ̀nà ìnáwó-pẹ̀lú-èrè yìí ni pé ìnáwó gidi ni wọ́n sábà máa ń lò. Tí àgbàdo bá hu nínú sítọ́ọ̀, tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ tí wọ́n sanwó òṣìṣẹ́ lásán fún ọjọ́ mẹ́ta, oko ló máa san án, mílì á tún jèrè ìdá 15 lórí àgbàdo tó bàjẹ́. Tẹ́ ẹ bá máa fi ìnáwó ṣe é rárá, ẹ lo ìnáwó tẹ́ ẹ ti fẹnu kò lé lórí ṣáájú: iye kílò àgbàdo, sóyà àti ìyókù tó yẹ kó wọ tọ́ọ̀nù kan, pẹ̀lú iye tó yẹ kó ṣòfò. Kí iye owó àgbàdo nìkan máa yí lóṣooṣù bó ṣe wà lọ́jà, nítorí mílì kọ́ ló ń sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n kílò tó bá ṣòfò ju bó ṣe yẹ lọ, ọrùn mílì ni kó wà.

Ní ti iye ọjà tẹ́ ẹ béèrè, ₦15,000 náà kọ́. Tí mílì bá ta fún ará ìta, á ra àpò tuntun ₦300, á tún fún dílà ní kọmíṣọ́ọ̀nù, àwọn kan á sì jẹ gbèsè wọn gbé. Ẹ jẹ́ ká pe kọmíṣọ́ọ̀nù àti gbèsè yẹn ní ₦700. Oko ń dá àpò padà, kì í sì í gba kọmíṣọ́ọ̀nù. Nítorí náà ₦14,000 ni ₦15,000 yẹn já sí fún mílì lọ́wọ́ oko. Kẹ́ ẹ sì tó gba ₦14,600 ti ará ìta gbọ́, ẹ wo ohun tó wà nínú àpò: ṣé purotéènì rẹ̀ tó ìdá 16 sí 17 tí léyà nílò, ṣé iye yẹn ṣì máa wà tẹ́ ẹ bá fẹ́ 2,000 báàgì, àbí báàgì 50 àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń fa ojú yín mọ́ra? Ẹ wọn àpò náà pẹ̀lú. Mo ti ń kúrò lórí ọ̀rọ̀.

Ohun tẹ́ ẹ nílò ni òpin ìsàlẹ̀ àti òpin òkè. Òpin ìsàlẹ̀ ni iye tí mílì kò gbọ́dọ̀ gbà kéré sí: ohun tó máa ná lórí báàgì náà, pẹ̀lú èrè tó máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí báàgì yẹn bá gba àyè báàgì ará ìta. Báàgì ará ìta kan ń mú ₦15,000 wá, a yọ ₦12,000 àti ₦1,000 kúrò, ó ku ₦2,000. Tí àyè bá wà ní mílì, kò sí ará ìta kankan tí oko lé kúrò, nítorí náà ₦12,000 ni òpin ìsàlẹ̀. Tí ará ìta bá tò sẹ́nu ọ̀nà tí mílì ò lè lọ̀ tó, ó di ₦14,000. Jack Hirshleifer, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ láti 1956 pé ibi tí ẹni tó ń tà lè tà gbogbo ohun tó bá ṣe lọ́jà tí ẹnì kankan ò lè dá yí iye rẹ̀ padà nìkan ni iye ọjà ti tọ́. Àwọn tí wọ́n ń gba owó ńlá láti wá gbani nímọ̀ràn ṣì ń sọ pé “ẹ lo iye ọjà” láì béèrè bóyá ẹ̀rọ ń sùn.

Ibi tí gbogbo wọn ti ń fò ọ̀rọ̀ ni agbedeméjì, ibẹ̀ gan-an sì ni mílì púpọ̀ wà. Ká ní lóṣù tí ọjà bá yá, ará ìta fẹ́ 5,000. Àyè 1,000 ló ṣẹ́kù, oko sì fẹ́ 2,000. Òpin ìsàlẹ̀ wá di méjì: ₦12,000 fún 1,000 àkọ́kọ́, ₦14,000 fún 1,000 tó lé ará ìta kúrò. Tí oko bá ní òun ò lè pín in, gbogbo rẹ̀ tàbí kí òun má rà rárá, ìdajì méjèèjì ni, ₦13,000. Ṣùgbọ́n tó bá ṣeé pín, ẹ pín in. Tí ará ìta bá wá ń tà á fún oko ní ₦13,700, kí oko ra 1,000 kejì níta, kí ẹnikẹ́ni má sì bínú sí i, nítorí ilé-iṣẹ́ ló jèrè ₦300 yẹn.

Òpin òkè ni èyí tó bá kéré nínú méjì: iye tí oko lè rí i rà níta, àti ohun tí báàgì náà lè mú wọlé ní oko lẹ́yìn ìnáwó oko. Báàgì kan ń bọ́ adìyẹ bíi 208 fún ọjọ́ kan. Tí ìdá 75 wọn bá yé, ẹyin 156 nìyẹn, ẹ pè é ní kíréètì márùn-ún lẹ́yìn èyí tó fọ́. Tí kíréètì bá ń lọ ní ₦3,800, ó mú ₦19,000 wá. Yọ ₦3,000 oògùn, kíréètì àti ìyókù, ó ku ₦16,000. Ará ìta wà ní ₦14,600, nítorí náà òun ni òpin òkè. Tí ẹyin bá pọ̀ lọ́jà tí kíréètì já sí ₦3,300, ₦13,500 ló máa kù, òpin òkè ti wálẹ̀ síbẹ̀. Tí mílì bá ní àyè lóṣù yẹn, ìdúnàádúrà ṣì wà láàrin ₦12,000 sí ₦13,500. Tí mílì bá kún, ₦14,000 ti ga ju ₦13,500 lọ: ará ìta ni kí wọ́n tà á fún. Àmọ́ adìyẹ kì í dúró de ọjà. Ẹ ò lè fi oúnjẹ dù wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á dáwọ́ ẹyin dúró, wọ́n á sì máa pa ìyẹ́. Ìpinnu yẹn jẹ́ ti ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó ọ̀wọ́ tuntun, kì í ṣe ti oṣù kan.

Fún yín, tí mílì bá láyè, àárín ₦12,000 sí ₦14,600 ni kí àwọn mánéjà méjèèjì ti dúnàádúrà. Èyí tí mo fẹ́ jù ni kí oko máa san ₦12,000 lórí báàgì, kó sì san owó kan ṣoṣo lóṣù fún àyè tí mílì ń fi sílẹ̀ dè é. Owó yẹn lè tó ₦3 mílíọ̀nù, ìyẹn ìpín 2,000 nínú 5,000 lórí ₦7.5 mílíọ̀nù. Kò gbọ́dọ̀ ju ₦5.2 mílíọ̀nù lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìta á tún dùn lójú wọn. Lọ́jọ́ tí ẹyin bá já, tí mánéjà oko ń ro báàgì kan sí i, ₦12,000 ló máa rí, òun náà sì ni òtítọ́. Ìwé àdéhùn ò le: iye kílò, ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e, àti ẹ̀tọ́ mílì láti mọ iye tí ará ìta pè kí oko tó rà níta.

Tó bá jẹ́ pé wọ́n forúkọ oko àti mílì sílẹ̀ bí kọ́ńpìnnì méjì, ọ̀rọ̀ yí padà o. Ìlànà owó orí ti 2012, tí wọ́n tún ṣe ní 2018 ní Nàìjíríà, fẹ́ kí wọ́n máa tà fún ara wọn bí ẹni tí kò bá ara tan, kí wọ́n sì ní ìwé tó fi í hàn. ₦12,000 lè wá jọ ẹ̀tàn lójú àwọn agbowó-orí, àlàyé rẹ̀ sì gùn. Ẹ̀ka méjì nínú kọ́ńpìnnì kan kò ní wàhálà yẹn.

Tí àdéhùn náà bá kọjá lọ́dọ̀ ọfíìsì àgbà, ẹ ṣọ́ wọn kí wọ́n má lọ fi ìdá 15 wọn lé ₦12,000 yẹn.