"Tu" tàbí "vous", "du" tàbí "Sie": ọjọ́ orí kọ́ ni wọ́n ń wò

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, nínú ìjíròrò èdè Faransé tí wọ́n ní ká fi ọ̀rọ̀ dí àlàfo rẹ̀, 'vous' ni mo kọ níbi tí ọmọ ti ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní mi ò gbà á. Kí ló dé?"

Àbúrò, ẹni tó sọ fún ẹ pé "tu" ni "o", pé "vous" ni "ẹ", òun ló kó ẹ sí wàhálà. Àwọn olùkọ́ sì ń kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ títí dòní, wọ́n á tún wá fi pupa fa ìwé ọmọ ya! Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó fi ọdún méjì péré juni lọ ti di "ẹ". Lọ́dọ̀ àwọn Faransé àti Jámánì, bí ẹni méjì ṣe súnmọ́ra tó ni wọ́n ń wò. Ìyá, bàbá, ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n, "tu" àti "du" ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 19 tó ń ta búrẹ́dì, "vous" tàbí "Sie" ni oníbàárà máa pè é, kódà kí oníbàárà náà ti pé ẹni 80 ọdún.

Nínú ìjíròrò, orúkọ tí wọ́n fi ń pe ara wọn ni kó o kọ́kọ́ wò. "Madame" tàbí "Herr" pẹ̀lú orúkọ ìdílé, "vous" àti "Sie" nìyẹn. "Salut", "tu" ni. "Bonjour" ò sọ nǹkan kan fún ẹ. "Tschüss" sì máa ń tanni jẹ, torí wọ́n ń fi dágbére ní ṣọ́ọ̀bù fún ẹni tí wọ́n ń pè ní "Sie".

Ibi tí máàkì ti ń lọ jù ni ìgbà tí wọ́n bá ní kó o yí gbólóhùn padà. Ká ní "Kannst du mir deine Adresse geben?" ni, tí wọ́n ní kó o bi òṣìṣẹ́ báńkì. Ọ̀pọ̀ èèyàn á yí "du" nìkan, wọ́n á kọ "Kannst Sie". Ohun mẹ́ta ló ń yí: ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀, àti ohun tó jẹ́ tirẹ̀. "Können Sie mir Ihre Adresse geben?" "Mir" ò yí, torí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ti Faransé, "Tu peux me donner ton adresse, s'il te plaît ?" á di "Vous pouvez me donner votre adresse, s'il vous plaît ?" "Te" tó wà nínú "s'il te plaît" ni wọ́n máa ń gbàgbé níbẹ̀.

Má fi "s" kún ọ̀rọ̀ àpèjúwe nítorí "vous". "Vous êtes content, Monsieur ?" Ẹnì kan ṣoṣo ni Monsieur.

Lẹ́tà ńlá ni "Sie", "Ihnen" àti "Ihr" tó jẹ́ ti ọ̀wọ̀. Tí o bá kọ "sie" kékeré sáàárín gbólóhùn, àwọn ẹlòmíràn lo ń sọ̀rọ̀ wọn. Tí ọ̀rẹ́ méjì tí o ń pè ní "du" bá sì wà pa pọ̀, "ihr" kékeré ni wọ́n, wọn kì í ṣe "Sie". Ní ti Faransé, "vous" ni wọ́n ń pe irú ọ̀rẹ́ méjì bẹ́ẹ̀, láìsí ọ̀wọ̀ kankan nínú rẹ̀.